"Àárọ̀" Tó Wà Lára Páálí Oògùn Kì Í Ṣe Àkókò Sààrì

Bí oṣù Rámàdáànì bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ máa ń ṣe ìṣirò kan náà: oògùn àárọ̀ di oògùn sààrì, oògùn alẹ́ di oògùn ìṣínu. Ìṣirò náà jọ èyí tó tọ́, nítorí pé sààrì ni ó sún mọ́ àárọ̀ jù, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ń gbé aláàwẹ̀ ṣubú ní ọ̀sán. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà "àárọ̀" tí apòògùn kọ sára páálí kò tọ́ka sí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Oúnjẹ ni ó ń tọ́ka sí. Ó ń sọ pé kí a lo oògùn yìí ṣáájú oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, kí ó lè bá oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán ṣiṣẹ́. Nínú ààwẹ̀, oúnjẹ méjèèjì yẹn kò sí mọ́.

A lè fi ínsúlínì wé alábàárù tó ń gbé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ara. Abẹ́rẹ́ alápòpọ̀ tí wọ́n kọ 70/30 sí lára ń rán irú alábàárù méjì níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ yára: láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ti dé, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Ìdá 70 yòókù ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí wákàtí 4 sí 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ sì ni agbára wọn máa ń pọ̀ jù. Alábàárù wọ̀nyí kò mọ ìgbà tí ọjà tú. Bí wọ́n bá dé tí wọn kò bá ẹrù, wọn kì í padà; ẹrù tí onílé fi pamọ́ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó, ìyẹn ìwọ̀nba ṣúgà tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn ni òógùn tútù yóò bo èèyàn, tí ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ yóò sì dàrú lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan tó ń gún yúnìtì 30 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ àti yúnìtì 20 ṣáájú oúnjẹ alẹ́. Bí ó bá gún 30 ní sààrì, ní aago márùn-ún ìdájí, yúnìtì 21 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ti àwọn tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọn yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ jù, nígbà tí oúnjẹ kankan kò wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́, ìṣínu tó jẹ́ oúnjẹ tó pọ̀ jù yóò bá yúnìtì 20 péré. Ṣúgà rẹ̀ yóò jábọ́ ní ọ̀sán, yóò sì fò sókè ní òru, òun yóò sì máa rò pé oúnjẹ ìṣínu ló ṣe é.

Ohun tí dókítà sábà máa ń ṣe ni pé yóò yí àkókò abẹ́rẹ́ náà padà. Yúnìtì 30 ti àárọ̀ yóò lọ sí ìṣínu, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù wà. Yúnìtì 20 ti alẹ́ yóò di ìlàjì, ìyẹn 10, yóò sì bọ́ sí sààrì. Nísinsìnyí, yúnìtì 7 ni yóò dé ọ̀sán dípò 21. Mo ka èyí sí ọgbọ́n ńlá, nítorí pé kò sí oògùn tuntun níbẹ̀ rárá. Ìgò kan náà ni.

Àyẹ̀wò ṣúgà tí a ṣe díẹ̀ ṣáájú ìṣínu ni ó ń sọ bóyá abẹ́rẹ́ sààrì tọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ iye tó wà láàárín 70 sí 90 mg/dL, yúnìtì 2 ni wọ́n sábà máa ń yọ kúrò nínú ti sààrì ọjọ́ kejì. Bí ó bá kéré sí 70, yúnìtì 4. Nítorí náà, bí ọkùnrin wa bá rí 82 ní ọjọ́ kẹta, 10 rẹ̀ yóò di 8. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹ̀rọ bá kọ iye tó kéré sí 70 tàbí tó ju 300 lọ, ààwẹ̀ ọjọ́ náà ti parí, bó tilẹ̀ ku wákàtí kan péré kí oòrùn wọ̀. Àwọn kan kì í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ààwẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ tó jáde lórí ìka yóò ba ààwẹ̀ jẹ́, èyí sì dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ pé kò bà á jẹ́.

Oògùn oníhóró yàtọ̀ síra. Mẹtifọ́míìnì kì í rán alábàárù jáde, ẹ̀dọ̀ ni ó ń dá dúró kí ó má tú ṣúgà jù, nítorí náà ẹni tó ń lo 500 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ lè lo 1000 ní ìṣínu àti 500 ní sààrì. Gilibẹnkilamáìdì ń lé ínsúlínì jáde fún ìgbà pípẹ́, bóyá a jẹun tàbí a kò jẹun, ìdí sì nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí oṣù náà tó dé.

Ní ti oògùn ọkàn, omi àti wákàtí ni ọ̀rọ̀ wà fún ju oúnjẹ lọ. Oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ̀, bíi furosẹmáìdì, kò yẹ ní sààrì, nítorí pé omi tó bá lé jáde kò ní rí ìrọ́pò títí di ìrọ̀lẹ́, òòyì yóò sì máa kọ́ èèyàn. Bí a bá lò ó ní ìṣínu, oorun lè dín kù, ṣùgbọ́n omi wà nítòsí. Oògùn ọkàn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ sábà máa ń bá sààrì àti ìṣínu mu níbi tí ọ̀sán kò ti gùn jù. Èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mẹta kò ṣeé kó pọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan; dókítà ni yóò wá irú rẹ̀ tó ń pẹ́ lára.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn pọ̀ ní ewu kan tí a kì í sábà sọ fún un. Oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù, bíi bisopurólólù, lè bo àyà tó ń lù kìkì àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n mọ́lẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá jábọ́. Òógùn nìkan ni kì í sábà bò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de àmì. Ẹ̀rọ ni kó máa wò, pàápàá ní ọ̀sán. Ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, tàbí tí ṣúgà jábọ́ dá kú láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá, kò yẹ kó gbààwẹ̀ rárá, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ sì yọ̀ǹda aláìsàn. Nítorí irú ìpinnu báyìí ni ó fi yẹ kí a rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú, kí àyè lè wà láti yí oògùn padà kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àṣìṣe kan ṣì kù, ọjọ́ tí ààwẹ̀ bá túká ni ó sì máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ìṣínu ìkẹyìn, ọkùnrin wa yóò gún 30 rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é bọ̀. Ní àárọ̀ ọdún, oúnjẹ ọ̀sán ti padà dé, nítorí náà 30 yóò padà sí àárọ̀, 20 sí alẹ́. Bí ó bá gún 8 rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó sì gún 30 ní alẹ́, oúnjẹ ọ̀sán ọdún kò ní rí alábàárù, àwọn tó pọ̀ jù yóò sì dé lóru nígbà tó ti sùn.