Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Yára Láìyí Ohùn Olùkọ́ Padà

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ kòròpé ní Ọ̀láìyá, ní Òṣogbo, lè tẹ 1.5x lórí fóònù rẹ̀, kó sì gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan tán ní 40 ìṣẹ́jú. Ohùn olùkọ́ rẹ̀ kò ní yí padà. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ti lé ní 70 ọdún.

Bí téèpù bá sáré, ohùn náà á ga. Ohùn ọkùnrin tó ń gbọ̀n ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á di 240 bí a bá mú téèpù yára ní ìlọ́po méjì, olóhùn ńlá á sì máa dún bí ọmọdé. (Àmì ohùn Yorùbá kò dàrú níbẹ̀, nítorí gbogbo dò, re, mí ló jọ gòkè pọ̀. Etí ni kò gbà á.)

Ní 1953, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Garvey fi ọwọ́ gé téèpù wẹ́wẹ́, ó ju àwọn kan nù, ó sì lẹ ìyókù pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yéni síbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fairbanks, Everitt àti Jaeger ní Yunifásítì Illinois gbé ẹ̀rọ tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ jáde: orí mẹ́rin tó ń ka téèpù wà lára àgbá kékeré kan tó ń yí, wọ́n ń ka èyí, wọ́n ń fo ìyẹn.

Ojú ibi tí a ti so ó pọ̀ ni wàhálà wà. Bí ègé kan bá parí nígbà tí ìgbì ohùn wà lókè, tí èyí tó kàn sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ohùn á máa há bí ti róbọ́ọ̀tì. Ní 1985, Roucos àti Wilgus ní kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wá ibi tí ìgbì méjèèjì ti bára mu kó tó so wọ́n. Verhelst àti Roelands tún un ṣe ní 1993, wọ́n pè é ní WSOLA.

Ẹ jẹ́ ká wo 1.5x. Nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá 30 kọ̀ọ̀kan, 20 péré la óò lò. Ètò náà kì í kàn gé e síbẹ̀: ó máa ń sún ègé tó kàn síwá sẹ́yìn díẹ̀ títí tí yóò fi jọ ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé ti ìṣáájú, á wá fi ìparí èyí wọnú ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ìgbì kan nínú ohùn 120 yẹn gùn tó nǹkan bí 8 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà àyè tí ètò náà yóò fi wá ibi tí ìgbì ti bára mu kò gbọdọ̀ kéré sí 8. Bí ó bá kéré, ohùn tó rinlẹ̀ á máa há.

`atempo` inú ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn àti fídíò, ń lo ọ̀nà yìí:

```
ffmpeg -i ise.m4a -af atempo=1.5 ise15.m4a
```

`asetrate` ló ń ṣe bíi téèpù àtijọ́. Ẹ má fi rọ́pò rẹ̀.

Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ìgbì kan ṣoṣo kò sí tí ètò lè bá mu, ohùn á sì máa mì. Bí ẹ bá ń fa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gùn sí 0.5, ègé ni a ń tún lò, nítorí náà «k» àti «t» lè dún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé e sí 0.75, yóò dínkù.