75D23L: ohun tí àwòrán bátìrì ń sọ kí owó tó kúrò lápò

Ká ní àwòrán kan dé láti Ládípọ̀ sí fóònù ẹnì kan n'Ìbàdàn, tó ń wa Kòrólà 2005 tòkunbọ̀. Bátìrì wà lórí tábìlì, sítíkà rẹ̀ kọjú sí kámẹ́rà, wọ́n kọ 75D23L sí i gàdàgbà. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà fi tẹ̀ lé e kò pọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, 75 ni o, ojúlówó ni.”

75 tó wà níbẹ̀ yẹn kì í ṣe Ah, ìyẹn àńpíà-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sára. Orúkọ tí wọ́n fi ìlànà àwọn ará Jápáànù sọ bátìrì ni 75D23L, nọ́ńbà tó ṣíwájú nínú rẹ̀ sì jẹ́ ipò tí wọ́n to bátìrì náà sí, níbi tí wọ́n ti da agbára tó fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí pọ̀ mọ́ iye iná tó lè gbà sára. Ah gan-an wà nínú lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀. Lára bátìrì irú èyí, ẹni tó bá fa àwòrán náà tóbi yóò sábà rí 65Ah (20HR) tàbí 52Ah (5HR); HR ni iye wákàtí tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Nọ́ńbà méjèèjì yìí kò tako ara wọn. Ìtumọ̀ 65Ah (20HR) ni pé bátìrì náà lè gbé ẹrù àńpíà 3.25 fún wákàtí 20 kó tó já sí fóltì 10.5. Bí wọ́n bá fẹ́ kó tán láàárín wákàtí 5, 52Ah péré ni wọn yóò rí gbà nínú rẹ̀. Bí gbágùúdá rírin tí wọ́n fi sábẹ́ jáàkì ló rí. Ẹni tó bá fún un díẹ̀díẹ̀ mọ́jú yóò rí omi tó pọ̀ gbà, ẹni tó bá ń kánjú yóò fi omi sílẹ̀ sínú àpò. Nínú bátìrì, ásíìdì ló ń fẹ́ àsìkò kó tó wọ inú àwọn ihò tíntìntín ara irin òjé. Nítorí náà, ẹni tó ń fi bátìrì méjì wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo HR. 52Ah (5HR) tóbi ju 60Ah (20HR) lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

D ń sọ bí àpótí náà ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga tó, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 ní fífẹ̀. 23 ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Ibí yìí ni ọgbọ́n ìlànà yẹn wà: ẹni tó ní téèpù lè wọn ibi tí bátìrì ń jókòó nínú mọ́tò, kó sì mọ̀ láti ara orúkọ nìkan bóyá yóò wọ̀ ọ́.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn, L, ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹni tó bá mọ̀ pé L dúró fún òsì yóò wo àwòrán, yóò rí orí pọ́sítíìfù lápá ọ̀tún, yóò sì ní wọ́n fẹ́ gbá òun. Wọn kò gbá a. Ibi tí àwọn ará Jápáànù dúró sí kí wọ́n tó sọ pé òsì tàbí ọ̀tún ni kò bá ibi tí àwa máa ń dúró sí mu.

Páálí ìṣáná kan tó láti fi wò ó. Kí èèyàn gbé e kalẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àyà rẹ̀, kó fi báírò kọ + sí igun ọ̀tún tó sún mọ́ ọn, kó kọ − sí igun òsì tó sún mọ́ ọn. Báyìí gan-an ni orí méjèèjì bátìrì L ṣe wà. Wàyí o, kó yí páálí náà kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú tí + wà ló wá kọjú sí òun: + ti bọ́ sápá òsì. Láti ẹ̀gbẹ́ kúkúrú yẹn ni ìlànà náà ti ń wò ó, ibẹ̀ ni L ti wá. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni, nítorí kò sí ẹni tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kúkúrú wo bátìrì nínú mọ́tò. Àwọn ará Yúróòpù ṣe é dáadáa jù: 0 ni wọ́n ń pe ètò tó bá L dọ́gba, 1 ni wọ́n ń pe èyí tó bá R, òdìkejì L, dọ́gba, nọ́ńbà tí kò tan ẹnikẹ́ni sí òsì tàbí ọ̀tún.

Bí orí méjèèjì bá sún mọ́ni, + L wà lọ́tùn-ún, + R wà lósì. Ṣùgbọ́n àwòrán lè yí èyí po, nítorí ẹni tó yà á lè ti ẹ̀yìn bátìrì yà á. Kí a tó wo + rárá, ká kọ́kọ́ wo etí tí orí méjèèjì sún mọ́. Bó bá jẹ́ etí ọ̀hún ni, tí + sì wà lápá òsì nínú àwòrán, L náà ni. Bí lẹ́tà ara sítíkà bá yí sódì, kámẹ́rà iwájú ni wọ́n fi yà á, àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Wọ́n sì lè dé ìdérí pupa mọ́ orí tí kì í ṣe pọ́sítíìfù, ṣùgbọ́n ohun tó ń já irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé orí pọ́sítíìfù nípọn ju nẹ́gẹ́tíìfù lọ díẹ̀. Sítíkà kankan kò lè yí ìyẹn padà.

Kòrólà tiwa yìí, ìwọ̀n bátìrì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní gúrúùpù 35 ló ń lò, D23L ló sì bá a mu. Bí ọlọ́jà bá fi D23R ránṣẹ́, yóò jókòó síbẹ̀ wẹ́kú, ṣùgbọ́n wáyà kò ní dé orí rẹ̀. Ríwáyà lè yí bátìrì padà, kí orí wá bọ́ sí ibi tí irin lè kàn án, tàbí kó fa wáyà ní ìfà agbára. Bí ẹnikẹ́ni bá wá so + mọ́ −, fíúsì ńlá ló máa kọ́kọ́ jó, dáyóòdù inú ọ́tánétọ̀ a tẹ̀ lé e.

Ó ku ọjọ́ orí. Déètì orí sítíkà kò tó, nítorí sítíkà ṣeé pààrọ̀. Àmì tí wọ́n fi ooru tẹ̀ wọ inú ike gan-an, lórí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ká ní kí ọlọ́jà yà fún wa láti tòsí. Ìlànà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó wọ́pọ̀ ni lẹ́tà fún oṣù, nọ́ńbà fún ọdún: A ni oṣù kìíní, nítorí náà C5 ni oṣù kẹta 2025. Àwọn kan máa ń fo I kó má baà jọ 1, ìdí nìyẹn tí J fi lè jẹ́ oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo náà ni 5, ó lè jẹ́ 2015. Orí tó mọ́, tí wáyà kò tíì fá, ló ń jẹ́ ká mọ èwo nínú méjèèjì ni.

Ká ní àwòrán kejì dé ní oṣù kọkànlá 2025, C5 sì hàn kedere. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù tó gbóná. Bátìrì tí a gbé kalẹ̀ ń jo iná fúnra rẹ̀, bí ooru bá sì fi ìwọ̀n 10 lé sí i, jíjò náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀ láìgba ṣáàjì, iyọ̀ òjé a le mọ́ irin inú rẹ̀. Àwòrán kẹta tó yẹ ká béèrè ni ti mítà lórí orí méjèèjì. Bó bá ka fóltì 12.6 sókè, wọ́n ti ń fi iná sí i, ó ṣeé rà. Bó bá ka 12.3, kí ọlọ́jà ṣáàjì rẹ̀, kó gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó tún mítà náà yà.