CNAME kì í bá MX gbé orí orúkọ kan

“Ẹ̀gbọ́n, CNAME ni ti ìkànnì, MX ni ti íméèlì. Kí ló wá kàn wọ́n?” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn ọmọ tó ń bá èèyàn ṣe ìkànnì ní Mọ́kọ́lá ló máa ń sọ ọ́ fún mi, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni pé ayé ti kọjá lórí mi.

Kò sí ọ̀rọ̀ ìkànnì kankan nínú CNAME. Ìnagijẹ ni. Ohun tó ń sọ ni pé orúkọ yìí ò ní nǹkan kan tirẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ bi í, ẹ lọ bi lágbájá. “Ohunkóhun” yẹn sì kó íméèlì mọ́ra. RFC 1034, ìwé ìlànà DNS tó ń darí orúkọ dòméènì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1987 pé bí CNAME bá wà lórí orúkọ kan, kí nǹkan mìíràn má sí níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìnagijẹ àti ti orúkọ gan-an má baà takora. Àwọn àkọsílẹ̀ ààbò DNSSEC ni wọ́n yọ sílẹ̀ nígbà tó yá. MX, tó ń sọ sáfà tó ń gba lẹ́tà fún orúkọ kan, ò sí lára wọn.

Ìyẹn ò le. Èyí tó le ni “ó kúkú ń ṣiṣẹ́.”

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági pè mí pé íméèlì òun ń ṣe ségesège: àwọn oníbàárà kan ń rí òun bá sọ̀rọ̀, lẹ́tà àwọn mìíràn ń dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ ká pe dòméènì wọn ní `example.com`. Ọmọ tó ṣe ìkànnì wọn ti fi CNAME sórí rẹ̀, ó ní kó máa lọ sí `sites.example.net`, ó sì fi MX sílẹ̀ níbi tó wà. Sáfà tí dòméènì náà wà lórí rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀ láìjiyàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ ṣí ìkànnì Màmá, sáfà tó ń bá a wádìí orúkọ á rí CNAME yẹn, á sì tọ́jú rẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n kọ sí i: 3600, ìyẹn wákàtí kan. Kí wákàtí yẹn tó pé, bí íméèlì bá gba ọ̀dọ̀ sáfà kan náà béèrè MX, kò ní padà wá bi wá mọ́. Ìnagijẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ `sites.example.net` ló ń lọ. Kò sí MX níbẹ̀. Òfin íméèlì sì ní bí kò bá sí MX, kí wọ́n gbé lẹ́tà lọ sí nọ́ńbà IP tó wà nínú àkọsílẹ̀ A orúkọ náà. Sáfà ìkànnì ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gba lẹ́tà. Wọ́n á gbé e padà, wọ́n á tún gbìyànjú tó bá yá. Bó bá bọ́ sí àkókò tí CNAME ti kúrò níbi ìtọ́jú, tó jẹ́ MX ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, lẹ́tà á wọlé wẹ́rẹ́. Ọmọ yẹn fi lẹ́tà kan dán an wò, ó wọlé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má fi lẹ́tà dán an wò. Sáfà tó ni dòméènì gan-an ni kí ẹ bi:

```
dig example.com CNAME @ns1.example.net +norecurse
dig example.com MX @ns1.example.net +norecurse
```

Bí CNAME bá jáde nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe, kódà bí ìkejì bá fi MX tó dára hàn yín. BIND, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà DNS ń lò, kì í tiẹ̀ gba fáìlì bẹ́ẹ̀ wọlé. `CNAME and other data` ló máa kọ fún yín.

Mo gbà pé ọ̀nà kan wà tí ọmọ náà ò fi parọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń jẹ́ kí ẹ kọ CNAME sórí dòméènì lójú ojú-ewé wọn, àmọ́ sáfà wọn fúnra rẹ̀ ló ń lọ wá nọ́ńbà ibi tí ẹ tọ́ka sí, A ló sì ń fi dáhùn. Cloudflare ń pè é ní `CNAME flattening`. Ibòmíràn ALIAS tàbí ANAME ni. Àṣẹ `dig` òkè yẹn ò ní rí CNAME níbẹ̀, nítorí náà MX lè jókòó jẹ́ẹ́. Bóyá irú èyí ló ti rí tẹ́lẹ̀, tó wá gbé e lọ síbi tí kò sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni CNAME orí `www` ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà sí `www`.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ da MX yín kọ síbì kan. Ti Màmá, a yọ CNAME, a fi A sí i, a fi `www` sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní kí wọ́n fún un ní wákàtí kan kí àwọn sáfà ìta tó gbàgbé ti àtijọ́. Ọmọ yẹn ní òun ṣì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.