Ìran Òru Inú Fíìmù: Ohun Tí Ìmọ́lẹ̀ Yàrá Ń Ṣe Sí I ní Sinimá, ní Pálọ̀ àti Lórí Fóònù

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta ni títún àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ fíìmù ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yà á, tí wọ́n sì ti to àwọn ìran rẹ̀ jọ tán. Ìbéèrè tí àwọn òǹwòran máa ń bi mí jù ni ìdí tí ìran òru tí wọ́n rí kedere ní gbọ̀ngàn sinimá fi máa ń ṣókùnkùn nígbà tí wọ́n bá wo fíìmù kan náà ní pálọ̀ wọn, tí ó sì tún máa ń burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà lọ́kàn ara wọn pé kíkéré ojú fóònù ni ó fà á. Èrò mi yàtọ̀ sí tiwọn: ìmọ́lẹ̀ tí ó wà ní ibi tí òǹwòran jókòó sí ni ó sábà máa ń ba ìran òru jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ títóbi kúrò ní ọ̀nà. Tẹlifíṣàn oní-ínṣì 43 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 95, ẹni tí ó ń wò ó nínú pálọ̀ sì lè jìnnà sí i tó mítà 3. Fóònù òde òní gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, sẹ̀ǹtímítà 35 péré ni a sì sábà máa ń dì í mú sí ojú wa. Bí a bá pín fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí jíjìnnà rẹ̀, a óò rí i pé fóònù tí a fi ìbú dì mú gba àyè púpọ̀ nínú ojú ju tẹlifíṣàn yẹn lọ. Gbọ̀ngàn sinimá ni ó borí àwọn méjèèjì, nítorí pé ẹni tí ó bá jókòó ní mítà 12 sí aṣọ funfun tí ó fẹ̀ tó mítà 12 yóò ní láti máa yí ojú láti igun kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé títóbi nìkan ni ọ̀rọ̀ wà, kò yẹ kí ìran òru burú lórí fóònù ju orí tẹlifíṣàn lọ.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi wo ìran kan. Òru ni, ní agbo ilé kan nítòsí Àpáta Olúmọ. Obìnrin kan tí ó dúdú, tí ó wọ àdìrẹ aláró tí a rà ní Ìtòkú, dúró níwájú ògiri amọ̀, fìtílà kan sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Nínú irú ìran báyìí, gbogbo ohun tí òǹwòran gbọ́dọ̀ rí ni ó wà nítòsí dúdú: àwọ̀ ara, aró inú aṣọ, irun orí, ògiri ẹ̀yìn. Bí mo bá ń tún un ṣe fún tẹlifíṣàn, mo máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀rọ tí funfun rẹ̀ jẹ́ 100 níìtì, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń wọn bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń tàn sí. Mo lè fi ojú obìnrin náà sí 5 níìtì, kí n sì fi ògiri sí ààbọ̀ níìtì. Ojú rẹ̀ yóò wá mọ́lẹ̀ ju ògiri lọ ní ìlọ́po 10, ìlọ́po 10 yìí gan-an ni ó sì ń jẹ́ kí ẹ rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti ibi tí gèlè rẹ̀ parí sí.

Ní gbọ̀ngàn sinimá, òdiwọ̀n tí a ń tẹ̀lé ni pé kí funfun orí aṣọ wà ní 48 níìtì, èyí tí kò tó ìdajì ti ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Ojú obìnrin náà kò ní ju bíi níìtì méjì àti ààbọ̀ lọ níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ óò rí i dáadáa. Ohun tí ó fà á ni pé wọ́n ti pa iná, kò sí fèrèsé, ara ògiri gbọ̀ngàn sì ṣókùnkùn, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ìmọ́lẹ̀ mìíràn tí ó ń bọ́ sórí aṣọ náà. Ojú yín pẹ̀lú ti bá òkùnkùn mu. Ó máa ń gbà tó nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ojú tó bá òkùnkùn mu dé ìwọ̀n tí ó ní láárí, ìdí sì nìyí tí ẹni tí ó bá ti ìta oòrùn wọlé lẹ́yìn tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ fi máa ń rò pé àwòrán kò mọ́lẹ̀ tó. Bí ẹnì kan bá sì tan fóònù rẹ̀ ní iwájú yín nínú gbọ̀ngàn, ojú yín yóò tún pàdánù díẹ̀ nínú ohun tí ó ti kójọ.

Ẹ wá gbé ìran yẹn lọ sí pálọ̀ kan ní Ọ̀bàntòkò ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tí fèrèsé wà ní ìdojúkọ tẹlifíṣàn tí wọ́n sì ti ká kọ́tìnì rẹ̀ sókè. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yóò bọ́ sójú tẹlifíṣàn, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì padà wá bá ojú òǹwòran. Bí ó bá jẹ́ níìtì mẹ́ta péré ni ó padà wá, orí ohun gbogbo ni yóò bà lé, ati orí ojú obìnrin náà, ati orí ògiri. 5 yóò di 8, ààbọ̀ yóò di mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìlọ́po 10 tí mo fi sùúrù kọ́ ti di ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ìran ọ̀sán kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá, nítorí pé ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní 50 níìtì kò ní yàtọ̀ bí ó bá di 53, ìyẹn ni àwọn ènìyàn fi ń sọ pé tẹlifíṣàn àwọn kò ní àìsàn kankan, pé ẹni tí ó ya fíìmù ni kò mọ iṣẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ bóyá fèrèsé ni ó jẹ̀bi. Ẹ pa tẹlifíṣàn náà pátápátá, kí ẹ jókòó sí àyè tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá rí fèrèsé, ilẹ̀kùn tàbí àga yín nínú rẹ̀, ohun tí ẹ rí yẹn ni tẹlifíṣàn ń dà pọ̀ mọ́ gbogbo fíìmù tí ẹ bá ń wò. Títú kọ́tìnì sílẹ̀ tàbí yíyí tẹlifíṣàn kúrò ní ìdojúkọ fèrèsé yóò ṣe ju ríra tẹlifíṣàn tuntun lọ. Bí ó bá di alẹ́, gílóòbù kan tí ó wà lẹ́yìn tẹlifíṣàn kò léwu. Èyí tí ó wà lókè orí yín, tí ó kọjú sí i, ni kí ẹ pa.

Tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ dé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé e sí `Vivid`, tí ó ń mú kí àwọ̀ tàn kí ó lè fa ojú mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n tí ó sábà máa ń gbé ohun tí ó wà nítòsí dúdú mì. Ẹ gbé e sí `Movie`, `Cinema` tàbí `Filmmaker Mode`, èyíkéyìí tí tiyín bá ní, kí ẹ sì pa `Energy Saving`. Lẹ́yìn náà, ní alẹ́, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wá fíìmù tí ó ní ìgbànú dúdú lókè àti nísàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, `Brightness` ni ó ń pinnu bí dúdú yóò ṣe dúdú tó, nígbà tí `Backlight` ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé `Brightness` sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìgbànú dúdú náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí eérú, kí ẹ wá dá a padà ní ìgbésẹ̀ kan. Bí irun orí òṣèré àti aṣọ dúdú rẹ̀ bá ti dì mọ́ra bí àbàwọ́n kan, ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jù.

Fóònù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan. Fóònù tí ó lè tàn dé 600 níìtì yóò gbé ojú obìnrin wa sí 30, yóò sì gbé ògiri sí 3. Ó dà bí ẹni pé ó sàn ju tẹlifíṣàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí abẹ́ igi ní Kútọ̀ ní ọ̀sán lè ní 60 níìtì ìmọ́lẹ̀ tí ó ń padà láti ojú fóònù rẹ̀. Ojú di 90, ògiri di 63, ìyàtọ̀ wọn kò sì tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ mọ́. Ohun tí ó kù fún un láti wò ni iná fìtílà àti ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì. Kò sí ètò kankan nínú fóònù tí ó lè wo èyí sàn, bí kò ṣe kí ó dúró de alẹ́.

Bí ẹni yìí bá sì dúró de alẹ́, tí ó pa iná yàrá, tí ó sì fi fóònù olójú OLED wo ìran kan náà, ó lè rí dúdú tí ó jinlẹ̀ ju ti sinimá lọ. Ojú OLED máa ń pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pátápátá níbi tí àwòrán bá ti dúdú, nígbà tí ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ jò sórí aṣọ nígbà gbogbo. N kò ní bá ẹnikẹ́ni tí ó ń wo fíìmù báyìí jà. Kí ó má kàn sọ ìmọ́lẹ̀ fóònù náà kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń pàdánù ohun tí ó wà nítòsí dúdú níbẹ̀.

Dátà ni ohun kejì tí ó ń ṣe fóònù. Fáìlì tí a ń gbé lọ sí gbọ̀ngàn sinimá lè lo tó mílíọ̀nù 250 bíìtì, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń wọn dátà, ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ fóònù ní `480p` lè máà ju mílíọ̀nù kan lọ. Ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń kọ́kọ́ dín bíìtì kù ni inú òkùnkùn, nítorí pé ó gbà pé ojú kò ní tètè mọ̀. Ògiri amọ̀ tí ó yẹ kí ó ṣú díẹ̀díẹ̀ yóò wá di àwọn àpótí kéékèèké tí ń mì. Láti mọ èyí yàtọ̀ sí ọ̀ràn ìmọ́lẹ̀, ẹ dá fíìmù náà dúró, kí ẹ fi ìborùn bo orí yín àti fóònù. Bí àwọn àpótí náà bá ṣì wà, dátà ni. Ẹ gbé e sí `720p` tàbí kí ẹ gbà á sílẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ kedere lábẹ́ ìborùn, oòrùn ni.

Àwọn tí ó gbé fíìmù wá fún mi náà ní ìpinnu láti ṣe. Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀dà kan fún gbọ̀ngàn, kí a sì tún ìran òru wò lọ́tọ̀ fún ilé àti fóònù, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ kì í sábà gba méjèèjì. Nígbà tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni a lè ṣe, mo máa ń béèrè ibi tí àwọn òǹwòran wọn pọ̀ sí. Bí wọ́n bá sọ pé orí fóònù ni, mo máa ń gbé ojú obìnrin náà kúrò ní 5, mo máa ń fi sí 8 tàbí 9, mo sì máa ń jẹ́ kí ògiri wà níbi tí ó wà. Mo máa ń sọ fún wọn kí wọ́n tó gbà pé bí wọ́n bá gbé ẹ̀dà yìí lọ sí sinimá lẹ́yìn ọ̀la, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ yóò ju ti fìtílà kan ṣoṣo lọ, àwọn tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn yóò sì fura pé iná mìíràn wà lẹ́yìn kámẹ́rà.