Oúnjẹ alẹ́ àti oorun

Oúnjẹ alẹ́ ni oúnjẹ tí èèyàn jẹ kẹ́yìn kó tó lọ sùn. Ní Òṣogbo, ó sábà máa ń pẹ́. Ẹni tó bá pàtẹ ní ọjà Ìgbóná tàbí ní Orísunḿbàrẹ́ kì í tètè délé. Kí wọ́n tó ro àmàlà tàbí gún iyán tán, aago 9 ti lù, kì í sì í ju wákàtí kan lọ mọ́ kí wọ́n tó sùn. Àkókò tó wà láàárín òkèlè ìkẹyìn àti ìdùbúlẹ̀ yìí ló kúrú jù. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí oúnjẹ ba oorun jẹ́.

Bí oúnjẹ bá kọjá lọ́fun, inú agbẹ̀du ló ń bọ́ sí, níbi tí omi kíkan ti ń lọ̀ ọ́. Omi mímu kì í pẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ líle lè lo wákàtí 4 kó tó kúrò tán, ọ̀rá sì ń mú kó pẹ́ sí i, nítorí náà iyán pẹ̀lú ẹ̀gúsí tó yọ epo máa ń pẹ́ ju ẹ̀kọ lọ. Ní ẹnu agbẹ̀du, níbi tí ọ̀nà ọ̀fun parí sí, iṣan kan wà tó ń pa á dé, bí okùn tí wọ́n fi ń fa ẹnu àpò pọ̀. Bí agbẹ̀du bá kún dẹ́nu, iṣan náà á máa tú léraléra. Fún ẹni tó jókòó, èyí kò le púpọ̀, torí omi inú ń wá ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, agbẹ̀du àti ọ̀fun á wà lọ́gbọọgba, omi kíkan á sì rí ọ̀nà ṣàn gòkè. Itọ́ tí à ń gbé mì ló ń fọ omi kíkan yìí kúrò lọ́fun, bẹ́ẹ̀ lójú oorun itọ́ ń dín kù, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e mì. Ìdí nìyí tí èyí tó gòkè lóru fi ń pẹ́ níbẹ̀ ju ti ọ̀sán lọ.

Àmì rẹ̀ ni kí oókan àyà máa jó, kí ẹnu kan tàbí kó korò, kí ikọ́ gbígbẹ jí èèyàn, tàbí kí ohùn há láàárọ̀. Àyà àwọn mìíràn kì í jó rárá. Wọ́n kàn ń ta jí lóru ni, wọn ò sì mọ ohun tó jí wọn.

Ata ní tirẹ̀ ń dá kún un. Ohun tó ń mú ata ta máa ń jí iṣan tó ń mọ ooru lára, ìdí nìyí tí ata ròdo fi ń mú èèyàn làágùn bí ẹni tó dúró ti iná. Ara sì gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí oorun tó wọ̀ ọ́ dáadáa. Ní 1992, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi mélòó kan ní ata olómi àti músítádì pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Àkókò tí wọ́n fi lajú sílẹ̀ lóru pọ̀ sí i, oorun tó jinlẹ̀ dín kù, ara wọn sì gbóná ju ti ìgbà tí wọn ò jẹ ata lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oorun. Iye wọn kéré, a ò sì lè fi ṣe òfin fún ìdílé tí ata ti mọ́ lára láti kékeré. Bí ọ̀fun bá sì ti bó tẹ́lẹ̀, ata á tún ta á. Súyà tí wọ́n ń rà lójú títì lẹ́yìn aago 9 kó méjèèjì pọ̀: ọ̀rá ẹran àti ẹ̀pà, pẹ̀lú ata inú yàjì.

Ti ohun dídùn yàtọ̀. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lè ní ṣúgà tó ṣíbí tíì 10. Ṣúgà bẹ́ẹ̀ ń yára gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá lóru, nígbà tí ara kì í lè ṣètò rẹ̀ bíi ti òwúrọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fẹ agbẹ̀du, ó sì ń múni gùnfẹ̀, omi kíkan á bá a gòkè. Bó bá jẹ́ kóòkì, káfíìnì tún wà níbẹ̀, bó ṣe wà nínú obì. Ó máa ń gba nǹkan bí wákàtí 5 kí ìdajì káfíìnì tó kúrò lára, nítorí náà obì tí àgbàlagbà jẹ ní aago 7 alẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́.

Oúnjẹ tó fúyẹ́ ni èyí tó kéré, tí kò ní ọ̀rá púpọ̀, tí kò sì ta: ẹ̀kọ tútù 1 pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín 1 tí epo rẹ̀ mọ níwọ̀n, ife ògì 1, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 1. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ògì tí wọ́n da ṣúgà ṣíbí 6 sí, tí wọ́n sì fi àkàrà 8 tì, ti kúrò ní oúnjẹ fúyẹ́: epo tí wọ́n fi dín àkàrà ń dá a dúró nínú, ọ̀pọ̀ omi ògì á sì tún jí èèyàn láti lọ tọ̀. Mílíìkì lè mú jíjó àyà rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò ó. Kí èèyàn má sì fi ebi sùn, nítorí ebi náà ń jíni.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ń tajà, tó ń jẹ iyán ní aago 9:15, tó ń sùn ní aago 10, tí ẹnu kíkan sì ń jí i ní aago 12. Kó gbé iyán àti ọbẹ̀ ọlọ́ràá sí aago 2 ọ̀sán. Ní aago 7, kó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní ìsọ̀ kó tó palẹ̀ mọ́. Bó bá di aago 10, wákàtí 3 ti kọjá. Bí ebi bá pa á nílé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ 1 ti tó. Kó máa kọ aago oúnjẹ, aago ìsùn àti aago ìtají sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí ìtají aago 12 bá lọ, tó sì padà ní alẹ́ tó tún jẹun pẹ́, oúnjẹ ló fà á. Bí kò bá yí padà rárá, kó wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn: ooru yàrá, ẹ̀fọn, ìrònú tàbí àìsàn.

Ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó tètè jẹun lè gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Kó fi búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 6 tó sùn gbalaja sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì tó wà níbi orí, kó sì fi pákó pẹlẹbẹ lé e kí ẹsẹ̀ má yọ̀. Ìrọ̀rí mẹ́ta tí wọ́n tò jọ kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń ká èèyàn kò níbi ìbàdí ni, ikùn á sì tún fún agbẹ̀du pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló dára jù láti fi sùn, torí agbẹ̀du ń wà nísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà ọ̀fun báyìí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń yí i padà.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí aago tàbí ìwọ̀n oúnjẹ alẹ́ padà, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ lójú oorun. Àyà tó ń dunni tó sì ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, pàápàá pẹ̀lú òógùn tútù tàbí èémí tó ń há, ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tó ń bì ẹ̀jẹ̀, tó ń rù láìnídìí tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà náà má ṣe dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ 2.