Omi inú amọ̀ nínú ìjábọ̀ àyẹ̀wò ilẹ̀

Ohun méjì ni ìjábọ̀ yìí dá lé: bí ilẹ̀ ṣe kan tó, èyí tí pH ń fi hàn, àti ìwọ̀n ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà sínú rẹ̀. Ti pH kò le. A ó po gíráàmù 10 erùpẹ̀ tí a ti sá gbẹ, tí a sì ti fi asẹ́ jọ̀, mọ́ mililítà 25 omi tí kò ní iyọ̀, a ó rò ó, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó ti ọ̀pá ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú omi ìdíwọ̀n méjì tí a mọ pH wọn, 4 àti 7, nítorí bí ẹ̀rọ bá ń purọ́, irọ́ kan náà ni yóò máa pa lórí gbogbo ife.

Ohun jíjẹrà ló gba sùúrù. A ó gbẹ erùpẹ̀ ní 105 °C títí omi rẹ̀ yóò fi tán, a ó wọ̀n ọ́n, a ó jó o nínú ìléru ní 550 °C, a ó sì tún un wọ̀n nígbà tó bá tutù. Ẹ jẹ́ ká ní ìkòkò àti erùpẹ̀ gíráàmù 10 jẹ́ gíráàmù 42.15 kí iná tó jó o, tó sì di 41.57 lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó lọ jẹ́ gíráàmù 0.58, ìyẹn 5.8%.

Bí òṣùwọ̀n bá lè fi 0.01 ṣìnà nígbà kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe ìgbà méjèèjì kò lè ju 0.02 lọ, nítorí náà èsì wà láàárín 5.6% àti 6.0%. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń dúró, wọ́n á sì kọ “àṣìṣe ọmọ ènìyàn” sísàlẹ̀, gbólóhùn tí kò sọ nǹkan kan. Àṣìṣe tó tóbi jù wà nínú ọ̀nà náà fúnra rẹ̀. Káólínáìtì, amọ̀ tó pọ̀ nínú ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, di omi mọ́ inú ara rẹ̀ lọ́nà tí 105 °C kò lè tú, ṣùgbọ́n bí iná bá sún mọ́ 550 °C, nǹkan bí 14% ìwúwo rẹ̀ á bá omi náà lọ. Bí ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ náà bá jẹ́ káólínáìtì, nǹkan bí 2.8% nínú 5.8% lè jẹ́ omi amọ̀, ohun jíjẹrà kò sì ní ju 3% lọ. Jíjó o lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ní fi èyí hàn, torí ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń ṣìnà sí ibì kan náà. Jíjó ìpín mìíràn ní 360 °C ló lè tú u fó: bí ìwúwo tó lọ bá kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́, amọ̀ ló lọ́wọ́ sí i.

Nítorí náà, bí pH bá jẹ́ 5.5, ìjíròrò kò gbọdọ̀ dá ewé jíjẹrà lẹ́bi kíkan náà láti inú erùpẹ̀ kan ṣoṣo. Òjò tó ń ṣan kálísíọ́ọ̀mù lọ sísàlẹ̀ lè kan ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.