Ẹ̀dà àgò: pouvoir, devoir àti vouloir nígbà tí a bá ń tọrọ nǹkan

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pe *conditionnel*, ẹ̀dà ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé kan, ní "ẹ̀dà bí-bá", ṣùgbọ́n ó ti kó àwọn tó ń kọ́ Faransé sí wàhálà. Wọ́n á máa dúró de *si*, ìyẹn "bí", kí wọ́n tó lò ó. Ẹni tó wọ ilé búrẹ́dì ní Kútọnu, tó ní «Je voudrais une baguette», "bí" wo ló wà níbẹ̀? Àwọn tó ń pè é ní "kọndisiyọnẹ́ẹ̀lì" ní tiwọn kò túmọ̀ nǹkan kan. Wọ́n kàn yí sípẹ́lì rẹ̀ padà ni.

Ẹ̀dà àgò ni èmi ń pè é. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà onílé a kágò, a sì dúró títí wọn yóò fi ní "àgò yà". Onílé lè má dáhùn rárá. Ohun tí *voudrais*, tó wá láti ara *vouloir*, "fẹ́", àti *pourriez*, tó wá láti ara *pouvoir*, "lè", ń ṣe gan-an nìyẹn: wọ́n ń fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ láyè láti kọ̀. Níbi tí *si* bá wà lóòótọ́, ẹ máa pè é ní bí-bá yín lọ, mi ò bá yín jà.

Ọ̀wọ̀ tiwa wà nínú "ẹ", la ṣe rò pé tí a bá ti sọ *vous*, ó ti parí. Kò parí. «Vous devez signer ici», "ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ibí", ní *vous* nínú, àṣẹ sì ni. Ká ní ẹ fẹ́ kí akọ̀wé ọ́fíìsì kan fọwọ́ sí ìwé yín. «Je veux votre signature» le jù. «Je voudrais votre signature» rọ̀, àmọ́ ohun tí ẹ̀yin fẹ́ ló ṣì ń sọ. «Pourriez-vous signer ici ?» ló dáa jù, torí ó ń bi í bóyá ó ṣeé ṣe fún un. «Vous pouvez signer ici ?» kò burú láàárín ojúlùmọ̀. Ẹ má sì rò pé gbogbo *vouloir* tó bá ní àmì ìbéèrè ni ìbéèrè: «Veux-tu te taire ?», ìyá ló ń pa á láṣẹ fún ọmọ pé kó dákẹ́.

*Devoir* ló yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Àgò kì í sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀, ìmọ̀ràn ló ń sọ ọ́ dà. Ẹ bá ní «Vous devriez signer ici», akọ̀wé á gbọ́ "ó yẹ kí ẹ fọwọ́ sí i", á sì rò pé ẹ fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ òun. Ara yín ni kí ẹ máa lò ó fún: «Je devrais partir».

Tí ẹ bá ń kọ ọ́, *pourriez* ni, kì í ṣe *pourrez*, tó ń sọ ti ọjọ́ iwájú. *I* kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ẹ má sì gbé e lọ sí ohun tó ti kọjá. «Vous auriez pu signer», "ẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i", kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ mọ́, ẹ̀sùn ni.